Àwòrán Síkáànù Ti Pa Rẹ́, Ọ̀rọ̀ Èsì Ló Kù: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Jíṣẹ́ Rẹ̀ fún Ẹlòmíràn

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ti pa síkáànù bàbá wa rẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ṣùgbọ́n mo ti kà á kí wọ́n tó pa á. Jẹjẹrẹ ni."

Bí obìnrin kan ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn nígbà tó wọlé tọ̀ mí wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Iṣẹ́ síkáànù ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ya ti bàbá rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn ló ya fọ́tò àwòrán síkáànù àti ìwé èsì, tó sì gbé e sójú ìwé ẹbí lórí Wọ́sáàpù. Kò tó wákàtí kan tí àbúrò bàbá wọn fi pariwo pé a kì í gbé ihòòhò àgbà sójú ọjà, ni ọmọ bá yára pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó wà ní Èkó kò tíì ríbi ṣí i. Ó ń pè léraléra, ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rí. Ohun tí obìnrin yìí rántí ló sì rán sí i: "Ó ti tó 57, jẹjẹrẹ ni."

Mo bi í pé ìwé gan-an ńkọ́? Ó ní ó wà nílé, lábẹ́ tìmùtìmù bàbá, lápá Ọjà Jagun. Mo ní kó lọ mú un wá.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ rèé, òun ló sì ń bí gbogbo ìyókù: ká máa fi ìrántí jíṣẹ́ nígbà tí ìwé ṣì wà nílẹ̀. Fọ́tò inú fóònù ló pa rẹ́, èsì kò pa rẹ́. Bí ìwé bá sì sọnù lóòótọ́, ibi tí wọ́n ti ya síkáànù ló yẹ kéèyàn padà sí, pẹ̀lú orúkọ aláìsàn àti ọjọ́ tó wá, nítorí wọ́n sábà máa ń tọ́jú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ èsì. Àwòrán lè má pẹ́ nínú ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde sórí bébà dídán náà kì í fẹ́ ooru. Mo ti rí ẹni tó mú un lọ fún lámínéètì kó má baà bàjẹ́, tó dé ibẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ dúdú kirimú, torí ooru ni wọ́n fi ń tẹ irú bébà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó padà dé, a jọ kà á. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún un nìyí:

"Kíndìnrín méjèèjì: títóbi wọn bó ṣe yẹ, omi kò dúró sínú wọn. Àpò ìtọ̀: kò sí òkúta, kò sí kókó. Ìtọ̀ inú rẹ̀ kí ó tó lọ tọ̀, 320 mìlílítà. Lẹ́yìn tó tọ̀ tán, 140 mìlílítà. Pírósítéètì: ó tóbi, 4.8 × 4.5 × 5.1 sẹ̀ǹtímítà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 57 mìlílítà. Etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. A kò rí kókó kankan nínú rẹ̀. Pánkíríásì: afẹ́fẹ́ inú ìfun bò ó mọ́lẹ̀. Àbájáde: ó jọ pírósítéètì tó tóbi lásán, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ bá wa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA."

Pírósítéètì ni ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Níbo wá ni jẹjẹrẹ ti wọlé? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni bìnáìnì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ nìkan ni obìnrin yìí ti ń gbọ́ ọ rí, ló bá gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó ń bani lẹ́rù ló máa ń dúró lórí ẹni, "kò sí" àti "kì í ṣe" tó wà níwájú rẹ̀ á ti já sọ́nà. Bí ẹ bá ń ka èsì fún ẹlòmíràn, "kò sí" ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wá. Nínú èsì kékeré yìí nìkan, ìgbà márùn-ún ni wọ́n sọ irú rẹ̀.

Iye tó rán lọ sí Èkó náà dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. "Ó ti tó 57." Kí ló tó 57? Ẹ̀gbọ́n ní Èkó rò pé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA ni wọ́n ń sọ, èyí tí ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rù lóòótọ́. Títóbi pírósítéètì ni 57 yìí, mìlílítà sì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ti ọkùnrin tí tirẹ̀ kò tíì tóbi sábà máa ń wà láàárín 20 sí 30. Nítorí náà, ti bàbá tóbi, kò sì sí ohun àjèjì nínú kó tóbi lára àgbàlagbà. Iye tí a kò bá so mọ́ orúkọ ohun tí wọ́n wọ̀n àti ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n kì í ṣe èsì mọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀rọ̀ nìkan gbà wá láyè láti ṣe, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ẹ̀rọ kì í rọ omi sínú pírósítéètì kó tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ la máa ń sọ di púpọ̀, a ó wá fi 0.52 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ó rí róbótó bí ẹyin.

```
4.8 × 4.5 × 5.1 × 0.52 = 57.3
```

Ó bára mu. Ká ní ẹnì kan ti ṣèèṣì da 5.1 kọ sí 1.5 nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ìṣirò yìí ì bá fún wa ní bíi 17, a ó sì mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀. Ohun tí ìṣirò yìí kò lè sọ ni bóyá ẹni tó ya síkáànù fi àmì ìwọ̀n sí etí pírósítéètì gan-an. Àwòrán nìkan ló lè fi ìyẹn hàn. Kódà bí àwòrán bá wà, ìwọ̀nba tí a dá dúró tí a sì tẹ̀ jáde nìyẹn. Ẹni tó di ẹ̀rọ mú ló rí i bó ṣe ń mì, ló yí bàbá sọ́tùn-ún sósì.

Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn sí ẹni tó ń sọ pé "mo rí i pé" nígbà tó jẹ́ pé ìwé ló kà. Yorùbá ní "wọ́n ní", kí la fẹ́ fi í ṣe? "Ìwé ní pírósítéètì bàbá tóbi" yàtọ̀ sí "mo rí i pé ó tóbi." Ẹni tó bá gbọ́ ti kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín ní ohun tí ẹ kò lè dáhùn: ṣé ó dúdú, ṣé ó ní ihò, apá ibo ló wú sí? Àbúrò wọn kan ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá àwòrán pírósítéètì ẹlòmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fi ránṣẹ́ pé "bí ti bàbá ṣe rí gan-an nìyí." Ti bàbá ta ni?

Ẹ padà síbi pánkíríásì. Obìnrin yìí ní òun ti sọ fún wọn pé pánkíríásì dára. Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ bò ó, ìyẹn ni pé a kò rí i. Ìró tí ẹ̀rọ síkáànù ń lò kì í la afẹ́fẹ́ kọjá, pánkíríásì sì wà lẹ́yìn ìfun. Ẹni tó kọ èsì kò yìn ín, kò bú u, ó kàn sọ pé ojú òun kò tó o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi jíṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀yà ara kan kò bá sí nínú èsì rárá, ẹ má ṣe sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

"Ó jọ" náà níṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ti fi jẹjẹrẹ dẹ́rù bà, nígbà tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ fún un, ó ní, "Ṣé wọ́n ti wá fi dá wa lójú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ?" Rárá o. Síkáànù lè fi títóbi hàn, ó lè fi ìtọ̀ tó ṣẹ́kù hàn, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ lè wà nínú pírósítéètì kó má hàn sí i. Ìdí tí wọ́n fi ní kí wọ́n ṣe PSA nìyẹn. PSA náà kì í dá ẹjọ́ tán, torí títóbi lásán àti kòkòrò inú ìtọ̀ náà a máa gbé e sókè. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹran ara díẹ̀ tí wọ́n bá gé lọ yẹ̀ wò ló máa ń sọ ọ́. Ẹni tó bá yọ "ó jọ" kúrò nínú ọ̀rọ̀ ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọn kò rán an.

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n fi kádìí rẹ̀ ni pé, "Ṣé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá ni?" Ìwé kò lè dáhùn ìyẹn, èmi náà kò lè dáhùn rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 30 lè máa jìyà kó tó tọ̀, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 80 lè máa tọ̀ gbuuru. Àní 140 tó ṣẹ́kù yẹn, mo bi í bí bàbá ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní wọ́n ní kó mu omi, wọ́n sì fi í jókòó títí tí ìtọ̀ fi fẹ́ bọ́ lára rẹ̀. Àpò ìtọ̀ tó bá kún jù kì í sábà gbẹ tán. Ó yẹ kí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lé orí. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ láti jáde pátápátá ni kò sí ìdúró kankan mọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, yálà àwòrán wà tàbí kò sí.

A jókòó, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà nínú ìwé: orúkọ bàbá, ọjọ́ orí, ọjọ́ tí wọ́n yà á, gbogbo iye pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, títí dé ẹni tó buwọ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí yíǹkì ti pa, kò méfò rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "mi ò lè ka èyí." Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ló kọ pé: "Ohun tí ìwé sọ nìyí. Mi ò rí àwòrán." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló fi ránṣẹ́ sí, kò gbé e sójú ìwé ẹbí.

Ó padà wá sọ fún mi lẹ́yìn tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ní dókítà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yíjú sí bàbá. "Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń jí tọ̀ lóru?" Bàbá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó ti tó ọdún méjì. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn ọmọ tó mọ̀.