Lésà ń ṣiṣẹ́, gílóòbù ò ṣe: bí mo ṣe yanjú ẹ̀

Ọjọ́ méjì ni mo fi bá ẹ̀rọ Máíkẹ́lísìn tí mo tò sórí tábìlì ní Bódìjà jà, ẹ̀rọ tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà méjì, tó sì tún ń pa wọ́n pọ̀ kí òrùka tàbí ìlà lè yọ. Lésà ń yọ òrùka tó mọ́ kedere, àmọ́ tí n bá ti gbé gílóòbù síbẹ̀, òfo. Mo nu dígí títí, àṣé ọ̀nà méjèèjì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà ni ò dọ́gba, ìkan fi mìlímítà méjì gùn ju ìkejì. Àwọ̀ inú gílóòbù pọ̀ jù, tí ìyàtọ̀ yẹn bá ti ju bíi máíkírọ́nù kan lọ, ìgbì ẹ̀ ti dàrú, àmọ́ ti lésà mi lè gba ìyàtọ̀ tó ju sẹ̀ntímítà lọ dáadáa kó tó dàrú. Mo wá ń wo òrùka lésà, mo ń yí síkúrúù títí òrùka fi fẹ̀ tó ku díẹ̀, mo fi fílítà aláwọ̀ ewé onínánómítà 10 bo gílóòbù, ìyẹn fún mi láyè bíi máíkírọ́nù 30, mo rọra yí i báyìí, ìlà bá yọ!