Bí a ṣe lè tètè tẹ àmì ohùn lórí fóònù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń fi Gboard, kíbọọ̀dù Google, kọ Yorùbá lórí Áńdírọ́ìdì lè fi àmì sí i láìfi àkókò ṣòfò. Ẹ ṣí `Settings` rẹ̀, ẹ tẹ `Languages`, lẹ́yìn náà `Add keyboard`, kí ẹ sì mú `Yoruba`. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà e, o tàbí s mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìrísí rẹ̀ mìíràn yóò yọ, ẹ ó sì fa ìka lọ sórí èyí tí ẹ fẹ́.

Ibi tó ti máa ń nira ni ẹ́ àti ọ̀, nítorí pé kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún wọn nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà: lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ni a kọ́kọ́ ń tẹ̀, kí àmì ohùn tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ó sàn kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò jù pamọ́ lódindi. Nínú `Settings` Gboard, ẹ lọ sí `Dictionary`, `Personal dictionary`, `All languages`, ẹ tẹ `+`, ẹ kọ "ọjọ́" sí àyè ọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ `ojox` sí àyè ìgékúrú. Mo yan x nítorí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. "Òjò" lè gba `ojoz`. Bí ẹ bá ti tẹ `ojox` tán, "ọjọ́" yóò hàn lókè kíbọọ̀dù, ẹ̀yin ni ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé.

Bí ẹ bá ń ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ láti ibòmíràn sínú ohun tí ẹ ń kọ, ẹ yẹ abẹ́ lẹ́tà wò: bí ìlà kékeré tó dúró (e̩) bá wà níbẹ̀ dípò àmì roboto (ẹ), kóòdù wọn yàtọ̀, ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ náà lè má rí i.