Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé ní abúlé

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí abúlé ló gbà pé iṣẹ́ ti parí bí fóònù bá ti kọ “Successful”. Ohun tí fóònù ń sọ kò ju pé owó ti kúrò nínú àkáǹtì kan bọ́ sínú òmíràn lọ. Màmá kò tíì lè fi ra gààrí. Ó ṣì kù kí ẹnì kan ní abúlé ka kéèṣì lé e lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti ń dín, tí ó ti ń pẹ́, tí àríyànjiyàn sì ti ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó máa jiyàn bóyá áàpù báńkì ló dára ni tàbí wọ́lẹ́ẹ̀tì bíi OPay àti PalmPay, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé: ta ni yóò sọ owó yìí di kéèṣì fún un, èló ni yóò sì gbà?

Ẹ má ṣe máa sá fún ṣáájì kékeré kí ẹ sì gbàgbé èyí tó pọ̀

Ká ní ọmọ kan wà ní Ìkẹjà tó fẹ́ fi ₦30,000 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Bó bá gba inú áàpù báńkì, báńkì yóò yọ ₦25, owó orí VAT á sì sọ ọ́ di ₦26.88. Nítorí pé owó náà tó ₦10,000, ìjọba á tún mú ₦50 fún owó sítáǹbù. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó gba owó ni wọ́n ń yọ ₦50 yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ń san án. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦76.88.

Àwọn kan gbọ́n ju èyí lọ, tàbí kí a sọ pé wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Kí ìjọba má baà mú ₦50, wọ́n á gé ₦30,000 sí wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ó bá fi ₦9,900 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, báńkì yóò yọ ₦26.88 lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn ₦80.64, owó náà kò sì tíì pé ₦30,000. Ó ti ná ju ẹni tó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Inú wọ́lẹ́ẹ̀tì tó ń fúnni ní tìránsífáà ọ̀fẹ́ nìkan ni gígé owó ti lè dín nǹkan kù, ohun tó sì lè dín kù níbẹ̀ kò ju ₦50 náà lọ.

Ẹ wá tẹ̀lé owó ọ̀hún dé abúlé. Bí oní-POS tó wà níbẹ̀ bá ń gba ₦100 lórí ₦5,000 kọ̀ọ̀kan, ₦600 ni Màmá máa fi sílẹ̀ kó tó kó owó rẹ̀. Ẹ fi ₦600 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦50 tí ẹ ń sá fún.

Ọ̀nà tí a lè gbà dín ₦600 náà kù wà, kì í ṣe nínú fóònù. Èkíní, ẹ pe oní-POS kí ẹ dúnàádúrà lórí gbogbo owó náà lápapọ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń dín in fún ẹni tó bá fẹ́ gba owó tó nípọn lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń ṣe é fún. Èkejì, ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di kéèṣì. Bí ₦18,000 nínú rẹ̀ bá jẹ́ owó ajílẹ̀, tí ẹni tó ń ta ajílẹ̀ sì ní àkáǹtì, ẹ san án fún un tààrà, kí ẹ fi ₦12,000 tó kù ránṣẹ́ sí Màmá. Oní-POS yóò ka ₦12,000 sí ọ̀nà mẹ́ta, á gba ₦300. Ẹ ó fi ₦76.88 kún un nítorí tìránsífáà kejì, síbẹ̀ ẹ ti jèrè ₦223.12.

Ẹ má fi owó ránṣẹ́ láìmọ ọjọ́ ọjà wọn

Kò sí ẹ̀rọ tó ń tẹ owó nínú ṣọ́ọ̀bù oní-POS. Ní abúlé tí kò ní báńkì, kéèṣì tó máa fún Màmá ni èyí tí àwọn ẹlòmíràn kó wá fún un: oníṣòwò tó fẹ́ sanwó ọjà fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn, ilé epo, àwọn tó ta ẹ̀gẹ́ tàbí ata. Bí kò bá sí ẹni tó kó owó wá, ó di kó gun ọ̀kadà lọ sí ìlú tó ní báńkì, owó ọkọ̀ rẹ̀ á sì wọ inú ṣáájì.

Ìdí nìyí tí ọjà ọrọọrún fi ṣe pàtàkì. Bí ọjà bá ku ọ̀la, gbogbo ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ló ń gba kéèṣì, ìṣà oní-POS á sì gbẹ. Lálẹ́ ọjọ́ ọjà tàbí ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, àwọn tó tajà ti kó owó wọn wá, oní-POS fúnra rẹ̀ ló ń wá ẹni tó máa gba kéèṣì lọ́wọ́ òun. Ìgbà yẹn ni kí Màmá lọ, ìgbà yẹn náà sì ni ìdúnàádúrà máa ń rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé “Ọjọ́bọ̀ ni ọjà wọn”. Bí ọjà bá bọ́ sí Ọjọ́ Ajé ní ọ̀sẹ̀ yìí, Ọjọ́ Ẹtì ni òmíràn, lẹ́yìn náà Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Màmá mọ̀ ọ́n lórí. Ẹ bi í.

Bí owó bá pọ̀, bíi ti ìnáwó òkú tàbí owó ilé ìwé, ẹ rántí pé Báńkì Àpapọ̀ kò gbà kí ènìyàn kan gbà ju ₦100,000 lọ lọ́dọ̀ oní-POS lóòjọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú.

Ẹ má fi owó Màmá sínú àkáǹtì oní-POS bí kò bá ṣe dandan

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, nítorí ó rọrùn: oní-POS á fún yín ní nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, ẹ fi owó sí i, ó sì fún Màmá ní kéèṣì. Wàhálà rẹ̀ ni pé láti ìṣẹ́jú tí owó ti wọ ibẹ̀, owó oní-POS ni lójú báńkì. Bó bá sọ pé òun kò tíì rí àlááàtì, kò sí ohun tí Màmá lè fi hàn. Bí ẹni mẹ́ta bá fi ₦20,000 ránṣẹ́ láàárọ̀ kan náà, òun gan-an lè máà mọ èyí tó jẹ́ ti Màmá.

Bó bá wá di dandan, ẹ pè é kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹ béèrè pé ṣé kéèṣì tó iye yìí wà nílẹ̀ báyìí, èló sì ni ṣáájì. Ẹ fi ṣáájì kún owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́, kí wọ́n má baà yọ ọ́ lára ti Màmá. Níbi tí áàpù ti kọ “Narration” tàbí “Remark”, ẹ kọ orúkọ ìyá yín síbẹ̀. Kí Màmá ti wà níwájú rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì gbọ́ ohùn Màmá fúnra rẹ̀ lórí fóònù pé òun ti kà á.

Ohun tó dára ju èyí lọ ni àkáǹtì tó jẹ́ ti Màmá, pẹ̀lú káàdì. Bó bá ti ní àkáǹtì báńkì, ẹ jẹ́ kó lò ó. Kò sí ìdí láti ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì kún un. Bí kò bá ní, tí báńkì sì jìnnà, wọ́lẹ́ẹ̀tì lórí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ dára, bó bá jẹ́ pé ẹ ṣe é bó ṣe yẹ.

Ẹ má fi BVN yín ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì fún un

Ọmọ fẹ́ kó yá, ó fi BVN ara rẹ̀ ṣí i. Lọ́jọ́ tí fóònù bá sọnù tí áàpù sì béèrè àwòrán ojú kó tó ṣí lórí fóònù tuntun, ojú Màmá kò ní bá a mu. BVN tàbí NIN tirẹ̀ ni kí ẹ lò, SIM náà sì gbọ́dọ̀ wà lórúkọ rẹ̀. Ní ìpele kìíní, owó tó wà nínú irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ₦300,000 lọ.

Nọ́ńbà wọ́lẹ́ẹ̀tì ni nọ́ńbà fóònù láìsí òdo iwájú, ó di nọ́ńbà mẹ́wàá. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀: nọ́ńbà kan náà lè wà lórí OPay, kó sì tún wà lórí PalmPay, pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn, nítorí ẹni tó ń lo SIM náà tẹ́lẹ̀ ti ṣí i sílẹ̀. Bí ẹ bá yan ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe èyí tí Màmá ń lò, tìránsífáà kò ní kọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni owó yóò bá lọ. Orúkọ tó bá jáde lẹ́yìn tí ẹ tẹ nọ́ńbà ni kí ẹ kà dáadáa, títí dé orúkọ àárín.

Ọ̀rọ̀ SIM kò tán síbẹ̀. SIM tí wọn kò fi pe ẹnikẹ́ni, tí wọn kò sì ra káàdì sí fún oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ fóònù lè pa á, bó bá sì tún tó oṣù mẹ́fà mìíràn, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Owó tó ń wọ wọ́lẹ́ẹ̀tì kò kà sí lílo SIM. Ẹ máa ra ₦100 sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má tún un ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe ségesège

Bí áàpù bá kọ “Pending”, tàbí tó kọ “Successful” tí Màmá kò sì rí nǹkan, ẹ má fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Owó méjèèjì lè wọlé papọ̀ lálẹ́. Bí Màmá bá ń lo fóònù onítọ́ọ̀ṣì, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé owó ti wọlé tí kò sì sí àlááàtì, torí kì í ṣe gbogbo wọ́lẹ́ẹ̀tì ló ń fi SMS ránṣẹ́ láìjẹ́ pé a béèrè fún un. Kí ó ní kí oní-POS fi káàdì wo iye tó wà nínú àkáǹtì. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ṣí rìsíìtì, ẹ da “Session ID” kọ, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tó jẹ́ ọgbọ̀n. Òun ni báńkì méjèèjì fi ń wá owó náà. Àwòrán àlááàtì kò tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí káàdì bá kọ “Declined” lórí POS. Oní-POS á ní “ẹ jẹ́ ká tún un fà”. Kí Màmá kọ́kọ́ gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, kí wọ́n wo iye tó kù nínú àkáǹtì. Bí owó bá ti dín, báńkì ni yóò dá a padà, láàárín wákàtí 72 ni Báńkì Àpapọ̀ sì ní kí ó jẹ́. Bí kò bá dín, ìgbà náà ni kí ó tún káàdì kì bọ̀ ọ́, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ PIN.