Bí A Ṣe Ń Dín Owó Àdìrẹ Kù Láìpa Èrè

Bí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo bá ti ń sún mọ́lé ní oṣù kẹjọ, àwa tí a ń ta àdìrẹ a kọ "ẹ̀dínwó" sára páálí, a ó gbé e síta. Ọ̀pọ̀ wa kì í kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Ẹ jẹ́ kí a mú aṣọ kan ṣoṣo, yáàdì márùn-ún, kí a wo ibi tí èrè ti ń jò.

Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí aṣọ náà ná yín sílẹ̀. Ká ní aṣọ funfun jẹ́ ₦6,000, aró àti sóòdà ₦1,600, owó àwọn tó bá yín ṣiṣẹ́ ₦1,500, ọ̀rá àti owó ọkọ̀ ₦800. Ó di ₦9,900.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi owó lé e. Ojú ẹni tó ń rajà máa ń di nọ́ńbà tó ṣíwájú mú. ₦12,500 àti ₦12,900 jọra lójú rẹ̀, ₦13,000 ló máa ń dà bíi pé ọjà ti gòkè. Nítorí náà, ẹ kọ ₦12,900. Èrè yín di ₦3,000 gédégédé. Ṣùgbọ́n ibi tí owó ọjà kò ní ìdúnàádúrà nìkan ni èyí ti wúlò. Bí ẹ bá ń gbà kí wọ́n ná ọjà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí oníbàárà máa sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìlá," ₦900 ti lọ nìyẹn.

Aṣọ tó wọ́n jù ni kí ẹ fi kọ́ ẹnu ọ̀nà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fi ìyẹ́ adìẹ ya ni tèmi, ₦25,000. Obìnrin kan á wọlé, á fọwọ́ pa á lára, á ní, "Mọ̀mí, èló nìyí?" Bí mo bá ti dá a lóhùn, á rọra fi aṣọ náà sílẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ti ₦12,900 wò. Owó tó ti kọ́kọ́ gbọ́ ló jẹ́ kí èyí rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Aṣọ ẹnu ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó tí ẹ ń tà ní iye yẹn lóòótọ́. Kíkọ ₦18,000 tí ẹ kò tà á rí, kí ẹ wá fi ìlà pa á rẹ́, irọ́ ni. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sì lòdì sí irú ìtànjẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dínwó gan-an ló wá kù. Ẹ pín èrè àtijọ́ sí èrè tuntun, ẹ fi iye aṣọ tí ẹ máa ń tà sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ẹ bá ń ta mẹ́wàá lọ́sẹ̀, tí ẹ wá dín ₦1,000 kù, èrè orí aṣọ kan di ₦2,000, ẹ gbọ́dọ̀ ta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó padà síbi tí ẹ wà. Ẹ dín ₦2,000 kù, ó di ọgbọ̀n. Ta ló fẹ́ ta ọgbọ̀n fún yín lọ́sẹ̀ kan? Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí a ti mọ ibi tí a ò ní kọjá kí páálí tó jáde síta, kí a má sì gbà kí ẹnikẹ́ni tún ná owó tí a ti dín.

Ẹ dá ọjọ́ tó máa parí, kó sì parí lóòótọ́. Ní ọdún kan, àánú ṣe mí, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Títí di oṣù kọkànlá ni wọ́n ń bi mí pé, "Ìgbà wo lẹ máa tún dín in?" Wọn ò rà, wọ́n ń dúró.

Ẹ má sì jẹ́ kí èrò ọ̀sẹ̀ ẹ̀dínwó tàn yín. Mo ta méjìdínlógún lọ́sẹ̀ ọdún, èrè ₦36,000, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹ́rin péré ni mo tà ní owó gidi, ₦12,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦48,000, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò bá dín kọ́bọ̀ kù ì bá fún mi ní ₦60,000. Àwọn tó fẹ́ rà lọ́sẹ̀ kejì ni wọ́n ti sáré wá rà á lówó pọ́ọ́kú.

Èènì ni mo wá ń lò báyìí. Mo máa ń fi àjákù àdìrẹ rán ìborí kékeré, kò ná mi ju ₦500 lọ, mo sì ń fi í fún ẹni tó bá ra aṣọ kí ọdún tó parí. Owó aṣọ kò yẹ̀, èrè mi di ₦2,500, aṣọ méjìlá péré ni mo nílò láti rọ́pò mẹ́wàá. Ẹ̀dínwó gidi, mo fi í sílẹ̀ fún aṣọ tó ti pẹ́ lórí igbá tí ojú ìlà kíká rẹ̀ ti ń ṣá. Ìyẹn, gbàǹjo ni, mo lè tà á ní ₦9,900 kí owó mi lè padà wọlé.