Bí mo ṣe ṣírò ẹ̀dínwó fún oníbàárà tó bá tètè sanwó

Aṣọ iṣẹ́ ni mo ń rán fún àwọn ilé-iṣẹ́, àwìn ọgbọ̀n ọjọ́ sì ni mo ń tà fún wọn. Kí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni owó aṣọ àti òwú ti kúrò lọ́wọ́ mi, àwọn aránṣọ sì ń gbowó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Bó ṣe di pé èrè wà nínú ìwé nìyẹn, tí mo sì ń yá owó báńkì san owó ọ̀sẹ̀.

Mo wá ní kí n kọ `2/10 net 30` sórí ínfọ́ìsì mi: ẹni tó bá sanwó láàárín ọjọ́ 10 yóò yọ 2 nínú 100, ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ yóò san gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ 30. Mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ ná. Lórí ínfọ́ìsì 100,000, 98,000 ni màá gbà. 2,000 tí mo fi sílẹ̀ ni mo fi ra ogún ọjọ́. Ogún ọjọ́ sì wà nínú ọdún kan níye ìgbà 18 àti díẹ̀, nítorí náà, bí èlé nǹkan bí 37 nínú 100 lọ́dún ló rí. 25 ni báńkì ń gbà lọ́wọ́ mi. Àyà mi já.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe ìṣirò owó wo ìwé náà, ó ní, “Àbúrò, ọjọ́ tí owó wọ báńkì ni kí o wò, má wo ohun tí ínfọ́ìsì sọ.”

Mo kó ínfọ́ìsì oṣù mẹ́fà jáde, mo kọ ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́ síbi kan, mo kọ ọjọ́ tí owó dé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oníbàárà mi tó tóbi jù kì í san án ní ọjọ́ 30; ọjọ́ 45 ni owó rẹ̀ ń dé, torí ẹ̀ẹ̀kan péré lóṣù ni wọ́n ń sanwó níbẹ̀. Tí òun bá san án ní ọjọ́ 10, ọjọ́ 35 ni 2,000 yẹn rà fún mi. Èlé rẹ̀ já sí nǹkan bí 21, ó sì dínwó sí ti báńkì. Ẹni tó ń san án ní ọjọ́ 30 géérégé kò yẹ lẹ́ni tí mo ń fún ní ẹ̀dínwó ní tèmi.

Oníbàárà ńlá yẹn nìkan ni mo fún. Ínfọ́ìsì àkọ́kọ́, ọjọ́ 25 ló sanwó, ó sì ti yọ 2,000 kúrò. Ó dùn mí gan-an. Mo kọ lẹ́tà sí wọn pé 2,000 ṣì kù, mo sì fi ọjọ́ tí owó dé hàn wọ́n. Wọ́n san án. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ déètì gan-an tí ẹ̀dínwó yóò parí, tí mo sì ń kọ ọ́ pé ọjọ́ tí owó bá wọ báńkì mi ni màá kà. Ínfọ́ìsì méjì tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 9 ni owó dé, òun ni mo sì fi san owó àwọn aránṣọ lọ́jọ́ Ẹtì.