Ọ̀rọ̀ "ṣẹ́ kù" kọ́ ní ń yan àmì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìṣirò ọjà

Ẹ wo ìbéèrè yìí: "Ọlọ́jà kan kó pẹ́ńsù wá sọ́jà. Ó ta 48. Èyí tó ṣẹ́ kù jẹ́ 35. Mélòó ló kó wá?" Bí mo bá fún ogún ọmọ ní ìbéèrè yìí, mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa kọ kí n tó gba ìwé wọn: 48 − 35 = 13. Ìyọkúrò náà péye. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó kó pẹ́ńsù 13 wá ṣe ta 48?

Àwa olùkọ́ la fi ọwọ́ ara wa kọ́ wọn. A kọ ọ́ sójú pátákó pé bí wọ́n bá ti rí "ṣẹ́ kù", kí wọ́n yọ. Bí wọ́n bá rí "lápapọ̀" tàbí "jù lọ", kí wọ́n rò ó pọ̀. Èmi náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ìbéèrè tó rọrùn. Ìgbà tí nọ́ńbà tí a kò mọ̀ bá kúrò ní ìparí ìtàn, tó lọ sí ìbẹ̀rẹ̀, ni ọ̀nà yẹn ń já ọmọ kulẹ̀. Ọmọ náà ti mọ́ ọn lára láti máa ṣọdẹ ọ̀rọ̀ kan, kò ka ìtàn mọ́.

Ẹ má kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tó ń yan àmì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìtàn náà sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì fi àpótí òfìfo sí ibi tí nọ́ńbà tí a kò mọ̀ wà. Ọlọ́jà yìí kó pẹ́ńsù wá, a kò mọ iye rẹ̀; 48 kúrò níbẹ̀; 35 ló kù:

□ − 48 = 35

Gbólóhùn ìṣirò nìyẹn. Àmì ìyọkúrò wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, torí pé ọjà ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ kí a tó mọ ohun tó wà nínú àpótí, a ó dá èyí tó tà padà sórí èyí tó kù: 35 + 48 = 83. Kí ọmọ wá fi 83 sínú àpótí, kó sì kà á padà: ó kó 83 wá, ó ta 48, ó ku 35. Ìtàn náà bára mu. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀, gbólóhùn tó ń sọ ìtàn àti ìṣirò tó ń wá ìdáhùn, àmì wọn sì lè yàtọ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ pé wọ́n jẹ́ méjì á máa rò pé ọ̀kan nínú wọn ti ṣì.

Ìwé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń dá kún un. Bó bá jẹ́ pé ___ ○ ___ = ___ nìkan la tẹ̀ sábẹ́ gbogbo ìbéèrè, tí òfìfo ìdáhùn sì máa ń wà ní ìparí nígbà gbogbo, a ti sọ fún ọmọ pé nọ́ńbà méjèèjì tó rí ló gbọ́dọ̀ wà ní apá òsì. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láìfa ìlà sí i, tàbí kẹ́ ẹ gbé àpótí káàkiri, ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní ìparí.

Ẹ̀gbọ́n àṣìṣe yìí wà nínú ìfiwéra. "Aṣọ kan jẹ́ owó 60 ní ìsọ̀ àkọ́kọ́. Ó fi owó 15 wọ́n ju ti ìsọ̀ kejì lọ. Èló ni ti ìsọ̀ kejì?" Ọmọ rí "ju", ó kọ 60 + 15 = 75. Kí ó tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù, ẹ bi í: ìsọ̀ wo ló wọ́n jù? Bó bá ti dáhùn pé ti àkọ́kọ́ ni, kò ní gbà kí ti kejì jẹ́ 75 mọ́. Gbólóhùn rẹ̀ ni □ + 15 = 60, owó 45 ló sì wà nínú àpótí.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti èdè Yorùbá gan-an, tí n kì í rí i kí àwọn tó ń ṣe ìwé iṣẹ́ kíyè sí. "Ó ra ìwé mẹ́fà ní owó ọgbọ̀n" àti "Ó ra ìwé mẹ́fà ní owó ọgbọ̀n-ọgbọ̀n" kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, 30 ni gbogbo ìwé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 30 ÷ 6 = 5. Nínú ti ìkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ 30, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 6 × 30 = 180. Àpètúnpè yẹn ló gbé ìsọdipúpọ̀ wọlé. Bí a bá wá fi nọ́ńbà rọ́pò ọ̀rọ̀, tí a kọ "ní owó 30" fún méjèèjì, a ti pa ìyàtọ̀ náà rẹ́. Ẹ kọ "ọ̀kọ̀ọ̀kan ní owó 30" tàbí "gbogbo rẹ̀ ní owó 30", kó má bàa jẹ́ pé ọmọ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ni yóò gba òdo.

Nígbà tó bá kan èrè, àmì ìdọ́gba ni ìyà máa ń jẹ. "Ọkùnrin kan ra abọ́ 12, gbogbo rẹ̀ ní owó 240. Ó san owó ọkọ̀ 24. Ó ta abọ́ kọ̀ọ̀kan ní 25. Èló ni èrè rẹ̀?" Ohun tí mo máa ń rí nìyí:

12 × 25 = 300 − 240 = 60 − 24 = 36

Èrè 36 tọ̀nà, àmọ́ ohun tí ìlà náà ń sọ ni pé 12 × 25 dọ́gba pẹ̀lú 36, irọ́ sì ni. Ọmọ náà ń lo àmì ìdọ́gba bí ẹni ń sọ pé "ó wá di". Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta: 12 × 25 = 300; 240 + 24 = 264; 300 − 264 = 36. Kí ó sì kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan: owó tó pa, owó tó ná, èrè. Bó bá fẹ́ fi ìlà kan kọ ọ́, àkámọ́ pọn dandan: 12 × 25 − (240 + 24). Bó bá fò ó, yóò di 300 − 240 + 24, ìyẹn 84, bí ẹni pé awakọ̀ ló san owó fún ọlọ́jà.

Lẹ́yìn náà, mo máa ń fi ìlà kan kún ìbéèrè náà: "Abọ́ 2 fọ́ lọ́nà." Àwọn ọmọ á yára sọ 12 di 10 níbi gbogbo. Wọ́n á ní abọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20, wọ́n á kọ 10 × 20 fún owó tó fi rà á, èrè 26 á sì jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta abọ́ náà fún un kò dá owó èyí tó fọ́ padà. Títà nìkan ló yí padà: 10 × 25 = 250. Owó tó ná ṣì jẹ́ 264, ọkùnrin náà sì pàdánù 14.