Àwòrán àkọlé ìròyìn tí kò ní déètì: báwo la ṣe ń mọ̀ pé ìròyìn àtijọ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹnì kan fi àwòrán ojú fóònù ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ Wáásáàpù àwa ọlọ́jà. Àkọlé ìròyìn ni. Ó ní gómìnà CBN, Emefiele, ti sọ pé owó náírà àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní. Kò sí ọdún níbẹ̀ rárá, àwọn kan sì ti ń kọ owó àtijọ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Ṣé ìròyìn òní ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ìròyìn àtijọ́ ni, ẹ sì lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú àkọlé náà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó wá a kiri níbikíbi. Àkọlé tí kò ní déètì kì í fi ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ hàn wá, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń ní ohun kan nínú tí kò lè ṣáájú ọjọ́ báyìí, àti ohun mìíràn tí kò lè kọjá ọjọ́ báyìí. Bí a bá rí méjèèjì, a ti há ìròyìn náà mọ́ àárín.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti yín. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò yí àwọ̀ owó bébà 200, 500 àti 1000 náírà padà, àti pé ti àtijọ́ kò ní wúlò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Kí ìkéde yẹn tó wáyé, kò sí ohun tó lè mú kí ìwé ìròyìn kankan kọ àkọlé tí ẹ rí yìí, nítorí náà kò lè ṣáájú ọjọ́ náà. Ní ti ọjọ́ tí kò lè kọjá, Emefiele gorí àga gómìnà báǹkì náà ní ọdún 2014, Ààrẹ Tinubu dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ọláyẹmí Cardoso sì ti wà lórí àga náà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Àkọlé tó bá pe Emefiele ní gómìnà láìfi ọ̀rọ̀ bíi «tẹ́lẹ̀ rí» kún un ti kọjá lọ láti ọdún náà.

A tún lè fún àyè náà pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ọjọ́ Àìkú, báǹkì náà sún gbèdéke ọ̀hún síwájú di ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, oníròyìn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò tún ní kọ ọ́ pé ọjọ́ 31 ni òpin. Nítorí náà, àárín ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2022 sí ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2023 ni àkọlé yín ti jáde, kò sì ju oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ díẹ̀ lọ. Fún ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, èyí ti tó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló kan ọjà yín jù. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 2023 pé kí owó àtijọ́ ṣì wà ní níná títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, ó sì tún pàṣẹ ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá pé kí tuntun àti àtijọ́ jọ máa lọ títí ìkéde mìíràn yóò fi wáyé. Àkọlé yẹn kò lè jẹ́ ìdí láti kọ owó ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Èmi ṣí fọ́tò náà lórí fóònù mi, mo wo ibi tí wọ́n ń kọ déètì sí, ọ̀sẹ̀ yìí ni mo rí. Ṣé kò fi hàn pé tuntun ni?

Ìdáhùn: Ọjọ́ tí fọ́tò náà wọ fóònù yín ni ẹ rí. Lórí fóònù Áńdírọ́ìdì, bí Wáásáàpù bá gba fọ́tò wọlé, ó máa ń fún un ní orúkọ tuntun tó rí bíi `IMG-20250114-WA0003.jpg`. Nọ́ńbà mẹ́jọ tó wà láàárín ni ọdún, oṣù àti ọjọ́ tí ẹ gbà á. Orúkọ tó ní lórí fóònù ẹni tó kọ́kọ́ ya á ti sọnù, àwọn àkọsílẹ̀ tó fara pamọ́ sínú fọ́tò náà pẹ̀lú ti sọnù, nítorí Wáásáàpù a máa nù wọ́n kúrò nígbà tó bá ń fún fọ́tò pọ̀. Bí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá lè fi fáìlì náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, orúkọ tó wà lórí fóònù tirẹ̀ yóò bá a wá, ṣùgbọ́n bí òun náà bá gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ tó gbà á nìkan ni ẹ ó tún rí.

Irú ìṣòro kan náà ló wà lára aago tó wà lókè àwòrán àti «2 hours ago» tó wà lábẹ́ àkọlé. Wákàtí méjì ṣáájú ìgbà wo? Ṣáájú ìgbà tí wọ́n ya àwòrán náà ni, a kò sì mọ ìgbà yẹn. Bí ẹ bá rí ọfà méjì àti «Forwarded many times» lórí rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ó ti gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní tèmi, ọfà méjì lórí ìròyìn tí wọ́n ní ó «ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde» máa ń jẹ́ kí n ya ẹsẹ̀ dúró.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìrísí ojú ìwé tàn yín jẹ náà. Ìrísí ń sọ ìgbà tí wọ́n ya àwòrán, àkọlé ló ń sọ ìgbà ìròyìn. Bí àmì ẹyẹ búlúù Twitter bá wà lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe jù pé wọ́n ya á kí oṣù Keje ọdún 2023 tó parí, nítorí oṣù náà ni wọ́n sọ ọ́ di X. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ọ̀rọ̀ ọdún 2019 lórí X lónìí, tó sì ya á, yóò ní àwòrán tó rí bíi tuntun tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ti gbó. Bákan náà ni ìkànnì ìwé ìròyìn mìíràn ṣe ń kọ déètì òní sókè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, lórí gbogbo ìròyìn tí a bá ṣí, ìbáà jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ìbéèrè: Ti owó náírà yẹn ní orúkọ ènìyàn nínú. Bí kò bá sí orúkọ ẹnikẹ́ni ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ wá orúkọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti kọ ọjọ́ àti déètì pọ̀ láìkọ ọdún, èyí sì ni ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò dá. Ká ní àwòrán yín sọ pé «Tuesday, January 31». Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà fóònù yín, kí ẹ máa padà sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ní ọdún 2024, ọjọ́rú ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ Ẹtì ni. Ní 2022, ọjọ́ Ajé ni. Ọdún 2023 ló bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ó sì padà dé 2017 kí ẹ tó rí òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń yí àwọ̀ owó padà ní 2017, nítorí náà ọdún kan ṣoṣo ló kù.

Lẹ́yìn èyí ni iye owó. Àkọlé tó bá sọ pé ìjọba ti gbé lítà epo bẹntiróòlù lọ sí 145 náírà, ti oṣù Karùn-ún ọdún 2016 ni. Orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba náà máa ń dáni lóhùn: PPPRA tó ń rí sí iye epo tẹ́lẹ̀ ti wọlé sínú NMDPRA lẹ́yìn òfin epo rọ̀bì tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ 2021, nítorí náà àkọlé tó bá ní PPPRA ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde iye tuntun ti pẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa rí ojúlówó ìròyìn náà kí n lè fi han àwọn tí kò gbà?

Ìdáhùn: Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ léra nínú àkọlé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, kí ẹ fi àmì àyọlò sí i, kí ẹ sì sọ fún Gúúgù pé kó má kọjá ọjọ́ kan. Fún ti yín, èyí ni mo máa tẹ̀:

```
"old naira notes" "January 31" before:2023-02-01
```

Bí ìròyìn bá jáde nínú èsì yẹn, ẹ ṣí i, kí ẹ wo déètì tó wà lábẹ́ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Kí ẹ má gbára lé déètì tí Gúúgù kọ síwájú rẹ̀ nìkan, nítorí ó lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tún ojú ìwé ṣe ló mú. Bí àdírẹ́sì bá hàn lókè àwòrán, ẹ kà á dáadáa: ti Vanguard máa ń ní ọdún àti oṣù nínú, bíi `vanguardngr.com/2023/01/`. Ti ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ kò tíì lè sọ pé tuntun ni. Wọ́n lè ti yí àkọlé padà, tàbí kí ẹnì kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àwòrán náà. Ẹ wá a lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú `after:` àti déètì oṣù tó kọjá, kí ẹ wò ó bóyá ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán ń sọ ọ́ báyìí.

Ìbéèrè: Ìròyìn tó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe ńkọ́, bíi ASUU tó ní òun ń yanṣẹ́ lódì?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ni ọ̀nà yìí ti máa ń ṣe aláìlágbára, nítorí àkọlé kan náà lè jẹ́ òótọ́ ní ọdún mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wá kúlẹ̀kúlẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2020. Ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022. Bí àkọlé bá sọ «ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì» láìsọ iye ọ̀sẹ̀, láìní orúkọ mínísítà, láìní ọjọ́, mi ò ní sọ ọdún rẹ̀ láti inú àwòrán nìkan. Ìròyìn òní ni mo máa lọ wò.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá kọ sínú ẹgbẹ́ wa? Mo fẹ́ kọ ọ́ pé irọ́ ni.

Ìdáhùn: Ẹ má kọ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe irọ́ lọ́jọ́ tó jáde. Bí ẹ bá pè é nírọ́, ẹnì kan yóò fi ojúlówó ìròyìn náà hàn yín, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì gbà pé ẹ̀yin lẹ kò mọ̀. Ẹ kọ ohun tó jáde nígbà náà àti ohun tó rọ́pò rẹ̀, lábẹ́ àwòrán náà gan-an, báyìí: «Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá wa, kí ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2023 tó dé ni ìròyìn yìí ti jáde. Emefiele kò sí ní CBN mọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní oṣù Kọkànlá 2023 pé owó àtijọ́ àti tuntun jọ ṣeé ná. Ẹ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà yín.»